Owó Lọ́wọ́ Akápò, Ìwé Lọ́wọ́ Akọ̀wé

Ní ìpàdé kọ́párétífù tí mo máa ń bá ìyá mi lọ nígbà èwe, tábìlì méjì ni wọ́n máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Akápò jókòó sí ìdí ọ̀kan pẹ̀lú àpótí owó, akọ̀wé jókòó sí ìdí èkejì pẹ̀lú lẹ́jà gbọọrọ. Ọmọ ẹgbẹ́ á san owó fún akápò, á gba rìsíìtì, á mú rìsíìtì náà lọ bá akọ̀wé. Akọ̀wé á kọ ọ́ sí lẹ́jà, á sì tún kọ ọ́ sí ìwé pélébé tí ọmọ ẹgbẹ́ náà mú wá láti ilé. Àwọn tó ń kánjú a máa ráhùn pé ìrìn láti tábìlì kan sí èkejì ń fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìrìn yẹn ni ààbò owó ẹgbẹ́. Ẹni tó di owó mú kò di ìwé mú. Ẹni tó bá fẹ́ jí owó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ẹlòmíràn dìmọ̀, kó sì tún wá ọgbọ́n ta sí ìwé pélébé tó wà nílé onílé.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti kó ìwé wọn lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ó sì dára bẹ́ẹ̀: lẹ́jà ń ya, ikán ń jẹ ẹ́, ìṣirò èlé ọdún kan a sì máa gba oorun lójú akọ̀wé fún ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ nǹkan kan bọ́ sọnù lójú ọ̀nà. Nínú ìgbìmọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, òun náà ni wọ́n sì máa ń fa gbogbo iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Òun ló ń kọ owó tó wọlé. Òun ló ń forúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Òun ló ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó lórí ẹ̀rọ, òun náà ló sì ń tẹ ìṣirò ọdún jáde fún ọ́dítọ̀. Tábìlì méjì ti di ẹ̀rọ kan, lábẹ́ pásíwọọ̀dù kan. Ẹgbẹ́ rò pé òun ti tẹ̀ síwájú, kò mọ̀ pé ògiri tí àwọn àgbà mọ sáàárín owó àti ìwé ni òun ti wó lulẹ̀.

Ohun tó lè tún ògiri náà mọ ni ìlànà ipò. Ìwé kékeré ni, ojú ewé kan tàbí méjì, tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ní ìpàdé gbogbogbòò. Ó ń sọ ohun tí akápò lè ṣe nínú ètò ìṣirò, ohun tí akọ̀wé lè ṣe, ohun tí ọ́dítọ̀ lè rí, àti ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí kò di ipò kankan mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ìlànà ọ̀hún sínú ètò fúnra rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ohun tí ìwé kọ̀, ẹ̀rọ náà á kọ̀ ọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀. Orúkọ kọ̀ọ̀kan á wà lábẹ́ ipò kan. Ipò kọ̀ọ̀kan á ní àwọn àṣẹ tirẹ̀.

Èrò yìí kì í ṣe ti àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan. Ní ọdún 1991, nígbà tí àjọ CARE bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ láàárín àwọn obìnrin ìgbèríko ní orílẹ̀-èdè Niger, àpótí onírin oní-àgádágodo mẹ́ta ló wá di àmì irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé, ẹni tí àpótí ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgádágodo tó ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́ méjì kó tó ṣí lágbára ju èyí tí kọ́kọ́rọ́ kan ń ṣí lọ. Wọ́n tún sọ pé kí a má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò. Àwọn obìnrin Niger kò ka ìwé wọn, síbẹ̀ ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ já sí.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ẹ̀yáwó kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká sọ pé ìyá aláṣọ kan ní ọjà Ìbàdàn ti fi 240,000 náírà pamọ́ sínú ẹgbẹ́, òfin ẹgbẹ́ sì ní kí ọmọ ẹgbẹ́ yá owó tí kò ju ìlọ́po méjì ìfowópamọ́ rẹ̀ lọ. Ibi tó lè dé ni 480,000. Ó béèrè 400,000, ó sì mú onídùúró méjì wá.

Akọ̀wé ló ń kọ ìbéèrè náà sínú ètò: orúkọ, iye owó, oṣù tí yóò fi san án, àwọn onídùúró. Ibẹ̀ ni agbára akọ̀wé pin. Bí ó bá tẹ ìbéèrè náà tán, kò gbọdọ̀ rí ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí i. Àwọn onídùúró méjèèjì á gba ọ̀rọ̀ lórí fóònù tiwọn, kálukú á sì dáhùn pé òun gbà. Èmi ò fara mọ́ kí akọ̀wé máa bá wọn tẹ̀ ẹ́, kódà bí onídùúró bá jókòó tì í, nítorí ọ̀pọ̀ onídùúró ló jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n wá gba owó lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ pé àwọn dúró fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbìmọ̀ á jókòó, á gbà á, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ààrẹ, tàbí ẹni tí ìgbìmọ̀ yàn fún un, á wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, á fọwọ́ sí i lórí ẹ̀rọ, á sì kọ ọjọ́ ìpàdé náà mọ́ ọn. Ìgbà yìí ni ẹ̀yáwó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fara hàn lójú akápò. Akápò rí 400,000 àti nọ́ńbà àkáǹtì báńkì ìyá aláṣọ, ṣùgbọ́n kò lè yí ọ̀kankan padà nínú méjèèjì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sanwó, kó sì kọ nọ́ńbà tí báńkì fún ìsanwó náà sínú ètò. Àlàátì á dún lórí fóònù ìyá aláṣọ. Ọ́dítọ̀ tó bá ṣí ẹ̀yáwó yìí ní oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà á rí orúkọ gbogbo wọn, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí kálukú fọwọ́ kàn án.

Nínú ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Apache Fineract, tí àwọn ilé ìyánilówó kéékèèké ń lò káàkiri ayé, báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ àwọn àṣẹ tí mo sọ yìí:

```
akowe:  CREATE_LOAN
aare:   APPROVE_LOAN
akapo:  DISBURSE_LOAN
odito:  ALL_FUNCTIONS_READ
```

Ìlà mẹ́rin péré ni. Ìlà àkọ́kọ́ ni àṣẹ láti kọ ìbéèrè ẹ̀yáwó, èkejì ni àṣẹ láti fọwọ́ sí i, ẹ̀kẹta ni àṣẹ láti sanwó rẹ̀ jáde, ẹ̀kẹrin sì ni àṣẹ láti wo ohun gbogbo láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ẹ bá rí i pé orúkọ kan ṣoṣo ló ní mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí, a jẹ́ pé kò sí ògiri mọ́ nínú ẹgbẹ́ yín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó tó ń jáde kọ́ ni ibi tí owó ti ń jò jù. Gbogbo ojú ló ń wo ẹ̀yáwó. Owó tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù ni èèyàn ń fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jí i sì rọrùn débi pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìyá aláṣọ san 35,000 ní ọjọ́ karùn-ún oṣù. Akápò gba owó náà, ó kọ 35,000 sínú ètò, àlàátì dún, inú ìyá dùn. Ní ogúnjọ́ oṣù kan náà, akápò padà síbẹ̀, ó tẹ ibi àtúnṣe, ó sọ 35,000 di 25,000. Àlàátì kì í dún fún àtúnṣe. Ó kó owó tó kù lọ sí báńkì, ó fi 10,000 sápò. Ní òpin oṣù, àpapọ̀ inú ètò àti owó tó wọ báńkì bára mu gẹ́lẹ́. Ọ́dítọ̀ tó bá kàn ṣírò àpapọ̀ kò ní rí nǹkan kan.

Ohun tó ń dí ihò yìí ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní àṣẹ àtúnṣe tàbí ìparẹ́ lórí owó tí a ti kọ sílẹ̀. Bí akápò bá ṣi owó kọ lóòótọ́, tó fẹ́ kọ 25,000 tó kọ 35,000, kó kọ ìfagilé: ìlà tuntun tó ń dá 35,000 padà, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ìlà mìíràn tó gbé 25,000. Ìlà àkọ́kọ́ á ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni gbogbo láti rí, bí ìgbà tí akọ̀wé àtijọ́ fa ìlà pupa kọjá nọ́ńbà tó ṣì kọ, tó sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìfagilé kò ní ṣiṣẹ́ títí ẹlòmíràn yóò fi gbà á. Kí àlàátì ìfagilé náà sì lọ bá ọmọ ẹgbẹ́ bí ti owó tó wọlé ṣe lọ. Bí ètò tí wọ́n fẹ́ tà fún ẹgbẹ́ yín kò bá lè ṣe èyí, ẹ má rà á, bó ti wù kí ojú rẹ̀ lẹ́wà tó.

Ọ̀nà tí akọ̀wé lè gbà hùwà àìtọ́ yàtọ̀, nítorí owó kì í kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé orúkọ ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Ó lè dá ọmọ ẹgbẹ́ tí kò sí láyé sílẹ̀, kó fi nọ́ńbà fóònù ìbátan rẹ̀ sí i, kó sì kọ ìbéèrè ẹ̀yáwó lórúkọ rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn, ààrẹ kò lè dá gbogbo ojú mọ̀. Nítorí náà, orúkọ tuntun tí akọ̀wé bá kọ gbọ́dọ̀ wà ní ipò ìdúródè títí wọn yóò fi fi ẹni náà han ìpàdé, tí ẹlòmíràn nínú ìgbìmọ̀ yóò sì ṣí i. Ìyípadà nọ́ńbà fóònù tàbí nọ́ńbà àkáǹtì báńkì gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà. Nọ́ńbà fóònù dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè yí i padà lè mú kí àlàátì rẹ máa dún lápò ẹlòmíràn.

Ìlà kan tún wà tó kan gbogbo àwọn olóyè: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan àkáǹtì ara rẹ̀. Akápò pẹ̀lú jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, òun náà ń fowó pamọ́, ó sì ń yáwó. Ọjọ́ tó bá san owó tirẹ̀, igbákejì rẹ̀ ni kó kọ ọ́. Ẹ̀yáwó ààrẹ, igbákejì ààrẹ ni kó fọwọ́ sí i.

Bí a bá dé ọ̀dọ̀ ọ́dítọ̀, àṣìṣe tí mo ti bá pàdé jù ni ti ẹgbẹ́ tó bọ̀wọ̀ fún un títí wọ́n fi fún un ní àṣẹ ohun gbogbo. Wọ́n ní ọ̀gá ìṣirò ni, kó bá wọn tún ibi tó wọ́ ṣe. Ó dà bí inúure, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ́dítọ̀ bá kọ ìlà kan sínú ìwé ẹgbẹ́ ni kì í ṣe ọ́dítọ̀ mọ́. Ta ni yóò yẹ ìlà tòun náà wò? Kó rí ohun gbogbo, kó má sì lè yí ohunkóhun padà. Bí ó bá rí àṣìṣe, kó kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀, kí akápò kọ ìfagilé, kí ẹlòmíràn gbà á. Òfin kọ́párétífù Nàìjíríà ní kí wọ́n yẹ ìṣirò ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, látọwọ́ ọ̀gá àgbà kọ́párétífù ìjọba tàbí ẹni tó bá fún láṣẹ. Orúkọ ìwọlé ọ́dítọ̀ lè ṣí ní ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó sì tì fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tó parí.

Ohun kan wà tí ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ rí tí àwọn olóyè yòókù kò gbọdọ̀ lè pa rẹ́, ìyẹn ìwé ìtọpasẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ nínú ètò ló ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀: ta ni, ìgbà wo, kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló sọ ọ́ dà. Ọ́dítọ̀ tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí àpapọ̀. Ìfagilé ló máa ń kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n tẹ̀ ní òru, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n fi ọjọ́ àtijọ́ sí lórí. Akápò tí ń kọ owó oṣù kẹta sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ní àlàyé láti ṣe.

Pásíwọọ̀dù tí èèyàn méjì jọ ń lò ló ń ba ìwé ìtọpasẹ̀ jẹ́. Akápò rìnrìn-àjò lọ síbi òkú, ó pe akọ̀wé lórí fóònù, ó sọ pásíwọọ̀dù rẹ̀ fún un kí iṣẹ́ má bàa dúró. Inúure ni, mi ò sì bú wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo ohun tí orúkọ akápò bá ṣe, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ṣe é. Bí owó bá sọ nù, akápò tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni yóò kàn. Kí ìlànà dárúkọ igbákejì ṣáájú, kó ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀ tó wà ní títì, kí ààrẹ ṣí i fún iye ọjọ́ tí akápò kò fi ní sí nílé. Ẹgbẹ́ kékeré tí olóyè rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ náà lè ṣe é, bí wọ́n bá fi ọmọ ìgbìmọ̀ kan kún un.

Ọmọ ẹgbẹ́ lásán ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìlànà ni kì í mẹ́nu kàn án rárá, bí ẹni pé kò ní iṣẹ́ kankan nínú ètò. Bẹ́ẹ̀ òun ló ni ìwé pélébé àtijọ́, òun nìkan ló sì mọ iye tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà fún akápò. Ó gbọ́dọ̀ lè rí gbogbo ìlà àkáǹtì tirẹ̀ nígbàkigbà, kó sì rí ẹ̀yáwó tó ṣe onídùúró fún, kó lè mọ̀ bí ẹni tó yá a bá ti ń já owó oṣù. Ó yẹ kó rí àpapọ̀ owó ẹgbẹ́: iye ìfowópamọ́, iye tó wà níta, iye tó wà ní báńkì. Ohun tí kò gbọdọ̀ rí ni àkáǹtì aládùúgbò rẹ̀. Òfin ààbò ìwífún Nàìjíríà ti ọdún 2023 ti fi ìyẹn sábẹ́ ẹ̀tọ́, àti pé ẹni tí ará ọjà bá mọ iye tó ní nípamọ́ kò ní gbádùn lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tọrọ owó.

Ìdánwò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe níbi tó jókòó, bí ẹgbẹ́ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kó ṣe é. Wọlé sínú àkáǹtì rẹ lórí fóònù, kí o wo àdírẹ́sì tó wà lókè. Bí o bá rí nǹkan bíi `?member=57` níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé 57 ni nọ́ńbà rẹ, yí i sí `?member=58`. Ètò tó dára á sọ fún ọ pé o kò láṣẹ. Bí àkáǹtì ẹlòmíràn bá ṣí lójú rẹ, ẹni tó kọ ètò náà kàn gbé bọ́tìnnì pamọ́ ni, kò ti ilẹ̀kùn. Tì í kíákíá, sọ fún ìgbìmọ̀, kí ẹni tó ta ètò náà fún wọn wá tún un ṣe.

Ó ku ẹni tó ń yan ipò fún àwọn yòókù, tí òun fúnra rẹ̀ lè sọ ara rẹ̀ di akápò ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ètò náà sórí kọ̀ǹpútà ni, kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Kò yẹ kí orúkọ ìwọlé yẹn wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ pín pásíwọọ̀dù rẹ̀ sí méjì, kí ààrẹ kọ ìdajì, kí ọmọ ìgbìmọ̀ kan tí kì í ṣe akápò tàbí akọ̀wé kọ ìdajì kejì, kí kálukú fi tirẹ̀ sínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Ọjọ́ tí ìdìbò bá gbé olóyè tuntun wọlé ni kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n ti orúkọ olóyè àtijọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì yí pásíwọọ̀dù náà padà.

Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, ètò kò mọ ju ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ lọ. Bí ó bá sọ pé ẹgbẹ́ ní 1,250,000 ní báńkì, tí báńkì sọ pé 1,180,000 ni, báńkì ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, kí ẹ sì wá ibi tí 70,000 wọlẹ̀ sí. Ìwé báńkì tí ọ́dítọ̀ máa lò, kó gbà á lọ́dọ̀ báńkì fúnra rẹ̀, kó má gbà á lọ́wọ́ akápò. Bí akọ̀wé, ààrẹ àti akápò bá sì pa ohùn pọ̀ láti jalè, ìlànà ipò kò lè dá wọn dúró. Ó kàn lè jẹ́ kí orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ṣe.

Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ bẹ akọ̀wé kó ṣí ojú ewé tí orúkọ àwọn tó ń wọlé sínú ètò wà, kí gbogbo ilé rí i. Ẹ ka orúkọ wọn. Ẹ béèrè ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó lè ṣe, àti ìgbà tó wọlé kẹ́yìn. Èyí tí kò bá rí olúwa rẹ̀ nínú ilé, ẹ tì í kí ẹ tó gba àdúrà ìparí.